Oúnjẹ Ṣáájú àti Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìfun
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ará ìlú ní Ìfira-Àkókó

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìn díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gé apá kan nínú ìfun ènìyàn kúrò, tí wọ́n á sì so ìyókù pọ̀, kí ló yẹ kí ó máa jẹ ṣáájú? Ìgbà wo ni kí ó dáwọ́ jíjẹ dúró? Ìgbà wo ni kí ó tún bẹ̀rẹ̀? Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wá síwájú ará ìlú ni, n kò fi í mọ sí àárín àwa òṣìṣẹ́ ìlera, nítorí pé ní ilẹ̀ wa ẹbí ló ń bọ́ aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. Dókítà lè kọ ohun tó wù ú sínú fáìlì, èmi onímọ̀ oúnjẹ náà lè kọ tèmi sí i. Ohun tó bá wà nínú kúlà tí ìyàwó tàbí ọmọ gbé wá láti ilé ni aláìsàn máa jẹ.

Àṣà àtijọ́ nípa iṣẹ́ abẹ ìfun, kárí ayé, ni pé kí aláìsàn gba ààwẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kò ní fi nǹkan kan ẹnu, àní omi lásán. Bí ó bá jáde ní tíátà, wọ́n á so dírípù mọ́ ọn lápá, wọ́n á ti rọ́bà gba imú rẹ̀ wọ inú àpòlúkù, gbogbo ilé á sì jókòó máa retí ohun kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti ṣọ́ aláìsàn rí mọ ìbéèrè náà: "Bàbá, ṣé ẹ ti só?" Ìgbà tí bàbá bá só ni wọ́n tó lè fún un lómi. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba márùn-ún. Èrò tó bí àṣà yìí kì í ṣe èrò òmùgọ̀: wọ́n ní ìfun ṣì ń sùn, ojú ibi tí wọ́n so pọ̀ ṣì tutù, oúnjẹ lè já a.

Nǹkan méjì ni èrò náà kò kà sí. Èkíní ni pé ìfun kì í jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìfun kékeré máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ kan. Àpòlúkù á gba ọjọ́ kan sí méjì. Ìfun ńlá ló máa ń lọ́ra jù, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsó tí à ń retí, ìròyìn ìfun ńlá ni. Ìfun kékeré, níbi tí oúnjẹ ti ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, ti ṣe tán tipẹ́. Èkejì ni pé ìfun ẹni tó ń gba ààwẹ̀ kì í gbẹ. Itọ́, omi àpòlúkù, òróńro àti omi tí àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ń tú jáde ń wọ inú ìfun àgbàlagbà lójoojúmọ́, ó sì tó bíi lítà méje. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ìfun ń fà padà sínú ara, aláìsàn ìbáà jẹun tàbí kó má jẹ. Nítorí náà ife omi kan tàbí abọ́ ògì kan kì í ṣe àjèjì sí ojú ìsopọ̀ náà. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń fi àwọn tí wọ́n tètè bọ́ wé àwọn tí wọ́n fi pamọ́ sínú ààwẹ̀. Ojú ìsopọ̀ àwọn tó tètè jẹun kò tìtorí bẹ́ẹ̀ jò ju ti àwọn yòókù lọ. Èébì máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i lára wọn, n kò ní fi ìyẹn pamọ́, n ó sì padà sí i.

Henrik Kehlet, oníṣẹ́ abẹ ará Dẹ́nmáàkì, ló mú gbogbo èyí jọ sójú kan. Ní 1995, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n gé ìfun ńlá wọn, tí wọ́n pa ìrora wọn dáadáa, tí wọ́n fún lóúnjẹ kíákíá, tí wọ́n sì gbé dìde rìn, tí wọ́n lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré. Láti ibẹ̀ ni ètò tí mo máa pè ní ètò ìtètè-bọ̀sípò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé tó ń bójú tó o fìdí múlẹ̀ ní 2010, wọ́n sì ń tún ìlànà rẹ̀ kọ lóòrèkóòrè. Ìlànà náà ní ogún ẹ̀ka àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti oúnjẹ nìkan ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ní ìlú yìí o, kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ máa wojú aládùúgbò rẹ̀. Láti ara ọ̀pọ̀ aláìsàn ni mo ti ṣà á jọ, ẹ sì jẹ́ ká máa pè é ní Bàbá Àgbẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ó ń gbin kòkó àti iṣu. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Gbogbo ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Nítorí pé a gbà pé ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n gba ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba mílíìkì, wọ́n ní ẹ̀wà ń dá inú rẹ̀ rú, wọ́n gba ìyẹn náà. Ó ku ẹ̀kọ, ọbẹ̀ olómi àti àgbo. Oṣù márùn-ún kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Ìkàrẹ́, àwọn yẹn sì ní kó máa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ìfun ńlá rẹ̀, wọ́n rí kókó jẹjẹrẹ ní apá òsì, tó ti mú kí ojú ọ̀nà há, ṣùgbọ́n tí kò tíì dí i pátá. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló kù.

Ibí yìí ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi kì í jẹ́ "Báwo ni bàbá ṣe tóbi tó báyìí?" Ohun tí mo máa ń béèrè ni bí ó ṣe tóbi tó tẹ́lẹ̀. Láti 1936 ni Hiram Studley, oníṣẹ́ abẹ kan ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, ti fi èyí hàn. Ó wo àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọgbẹ́ inú fún. Nínú àwọn tó ti pàdánù ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn lọ kí wọ́n tó gun tábìlì, ẹnì kan nínú mẹ́ta ló kú. Nínú àwọn tí kò rù tó bẹ́ẹ̀, kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà nínú iṣẹ́ abẹ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n rírù láìròtẹ́lẹ̀ ṣì ń sọ òtítọ́ kan náà.

Ta ló ń wọn ara rẹ̀ lóko? Ọmọ Bàbá Àgbẹ̀ ló rántí pé nígbà tí wọ́n ń wọn kòkó, bàbá fi àwàdà gun ìwọ̀n, ó sì jẹ́ kílò 66. Ìwọ̀n kòkó wúlò fún mi lọ́jọ́ náà ju káàdì ilé ìwòsàn lọ. Bí kò bá sí irú rẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n fi bẹ́líìtì hàn mí: ihò wo ló ń lò nígbà ọdún Kérésì, èwo ló ń lò báyìí? Ṣé òrùka ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ní ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó jẹ́ kílò 58. Ó ti pàdánù kílò mẹ́jọ nínú 66, èyí tó jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó ga ní mítà 1.70. Bí a bá fi gíga yìí pín 58, tí a tún fi í pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, a ó rí 20. Ẹni tó bá wo iye yìí nìkan á ní bàbá kò sanra kò rù, kó máa lọ sí tíátà. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì í. Nínú ọ̀nà àyẹ̀wò kan tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Bìrìtéènì gbé jáde ní 2003, tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, iye tó bá ju 20 lọ kò gba máàkì kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rù ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà gba máàkì méjì, máàkì méjì sì ti tó láti fi ẹni náà sí ọ̀wọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Ẹni tó tóbi tẹ́lẹ̀ ló máa ń sá mọ́ wa lọ́wọ́ jù. Ìyá kan lè ti rù ní kílò 15, kí ará ilé sì máa kí i kú oríire pé ó ti wọ̀n níwọ̀n.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ọwọ́ àti ojú ló kù. Mo máa ń wo ẹ̀gbẹ́ orí, lókè etí, bóyá ó ti jìn. Mo máa ń fi ìka méjì mú awọ ẹ̀yìn apá, kí n mọ̀ bóyá ọ̀rá kù níbẹ̀. Mo máa ń ní kí aláìsàn di ọwọ́ mi mú kí ó fún un. Mo sì máa ń tẹ ojúgun lókè ọrùn ẹsẹ̀, nítorí omi tó bá dúró sí ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀: ẹsẹ̀ tó wú lè fi kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin bo rírù mọ́lẹ̀. Bí aláìsàn kò bá lè dìde dúró lórí ìwọ̀n, a máa fi téèpù yí apá rẹ̀ ká láàárín èjìká àti ìgúnpá. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ti rù jù.

Àwọn kan máa ń sáré lọ wo àlúbúmìnì nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní ìyẹn ni yóò sọ bóyá ẹni náà ń jẹun kánú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àìsàn tó ń mú ara gbóná, egbò tàbí jẹjẹrẹ pàápàá lè fa àlúbúmìnì sílẹ̀ lára ẹni tó ń jẹun dáadáa, ó sì lè dúró lókè lára ẹni tí ebi ń pa. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ó sọ fún wa pé ewu iṣẹ́ abẹ náà pọ̀, ìyẹn wúlò. Kò sọ bí ìkòkò ṣe rí nílé.

Èsì tiwa ni pé Bàbá Àgbẹ̀ wà nínú ewu ńlá. Ìlànà àwọn onímọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun gidi fún ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá kí wọ́n tó là á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ. Èyí ni ẹbí máa ń bínú sí jù. Wọ́n á ní, "Ohun burúkú wà nínú bàbá, ẹ ní kó lọ máa jẹ̀wà?" Mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé kókó tó ti lo ọ̀pọ̀ oṣù nínú ara kò ní fi ọ̀sẹ̀ méjì yàtọ̀ púpọ̀. Ìsopọ̀ ìfun tí kò jinná lè pa ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìfun bá ti dí pátá ńkọ́, tí bàbá ń bì, tí ikùn wú, tí kò yàgbẹ́ tí kò só? Ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì nìyẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀.

Èló ni kó jẹ? Kálórì 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́: 30 lọ́nà 58 jẹ́ 1,740. Purotéènì gírámù kan ààbọ̀ fún kílò kọ̀ọ̀kan: ó jẹ́ 87. Oúnjẹ tó ń jẹ nílé kò tó ìlàjì kálórì yẹn, purotéènì rẹ̀ kò sì ju ogún gírámù lọ. Ògì ló fa èyí. Mo fẹ́ràn ògì, ìyá mi fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ògì tó ṣàn dáadáa, omi ni nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Abọ́ ńlá kan lè yó ènìyàn láìfún un ní purotéènì tó gírámù márùn-ún.

Ohun tí a ṣètò fún un rèé. Ẹyin mẹ́ta lójúmọ́, gírámù 18. Ọ̀ọ̀lẹ̀ ńlá méjì tí wọ́n fi epo tàbí òróró sè dáadáa, nǹkan bí 24. Ẹja ègé méjì tó tóbi níwọ̀nba, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́, nǹkan bí 36. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ṣíbí ńlá mẹ́rin tó kún, nínú ògì àárọ̀ àti ti alẹ́, mẹ́wàá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88. Ìwọ̀nba iyán tàbí ìrẹsì rírọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀, àti ṣúgà inú ògì tí mo dá padà fún un, ló kún kálórì rẹ̀. Mo yan ọ̀ọ̀lẹ̀ nítorí pé wọ́n ti bó èèpo ẹ̀wà kúrò, ó sì kúnná. Níbi tí ojú ọ̀nà ìfun bá ti há, èèpo, àgbàdo sísè, okùn ẹ̀fọ́ àti awọ ọsàn lè dí i. Ẹni tí owó ẹyin kò bá tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ẹ̀wà sóyà tí wọ́n yan tí wọ́n lọ̀ kúnná pò mọ́ ògì: ṣíbí ńlá méjì tó kún tó ẹyin kan. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà náà dára, bí ẹ bá tún un sè kó hó.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín tí ẹbí kì í gbọ́ rí. Bí ẹni náà bá ti lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ láìfẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan, ẹ má ṣe da oúnjẹ bò ó lójijì. Ara tí ebi ti pa pẹ́, tó wá rí ìyẹ̀fun àti ṣúgà lẹ́ẹ̀kan náà, máa ń fa fọ́sífétì, pọtásíọ̀mù àti magnísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ọkàn sì lè máa lù ségesège títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. A máa ń kọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní fítámì B1, a ó fi ìlàjì oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní tó ìlàjì. Bàbá Àgbẹ̀ kò dé ibẹ̀, torí pé ó ṣì ń jẹ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó jẹ́ kílò 59. Ìdùnnú mi kò sí lórí kílò kan yẹn. Ó ti ń rìn yí wọ́ọ̀dù ká láìdúró, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ní agbára nígbà tó fún tèmi.

Ó wá ku alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ìlànà àwọn dókítà akunnilóorun ni pé oúnjẹ gidi gbọ́dọ̀ dúró ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, omi tó mọ́ gaara sì lè máa wọlé títí di wákàtí méjì ṣáájú. Nítorí kí nǹkan inú àpòlúkù má bàa padà wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí aláìsàn bá sùn ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ògì kì í ṣe omi tó mọ́ gaara. Oúnjẹ ni, bí ó ti wù kó ṣàn tó. Tíì onímílíìkì náà, oúnjẹ ni. Omi lásán àti tíì aláìnímílíìkì ni omi tó mọ́ gaara, ohun tí ènìyàn lè wo ìsàlẹ̀ ife gba inú rẹ̀.

Ètò ìtètè-bọ̀sípò fi ohun mímu aládùn kan kún un: mílílítà 800 ní alẹ́, 400 ní nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú, tí gírámù 50 ìyẹ̀fun pàtàkì tó ń yọ́ nínú omi wà nínú 400 yẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé ara tó wọ tíátà pẹ̀lú ebi kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ; ṣúgà á ga nínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì máa jẹ ẹran ara rẹ̀. Èrè rẹ̀ kò tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń pariwo rẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Bí kò bá sí, n kì í bá ẹbí jà. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti àwọn tí ìfun wọn dí kò gbọ́dọ̀ mu ún láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń jà fún ni omi. Ní ilé ìwòsàn wa, ẹni tí wọ́n ní yóò wọlé ní aago mẹ́jọ lè wọlé ní aago méjì ọ̀sán, nítorí iná, nítorí pàjáwìrì ẹlòmíràn. Tó bá ti jẹ́ pé láti aago mẹ́wàá alẹ́ ló ti di ẹnu, ó di wákàtí mẹ́rìndínlógún láìmu omi. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti sún àkókò síwájú, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè pé ṣé bàbá ṣì lè mu omi. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ Bàbá Àgbẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n yọ rọ́bà imú kó tó jí. Ní ọ̀sán, nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa tó sì lè gbé orí sókè, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n fún un lómi ní ṣíbí-ṣíbí, lẹ́yìn náà ìdajì ife. Ní ìrọ̀lẹ́, ó mu ògì díẹ̀ tí mílíìkì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ògì pẹ̀lú mílíìkì àti sóyà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àti ẹyin sísè kan tó jẹ tán ní ìdá kan ní ìdá kan. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀ọ̀lẹ̀ kékeré láàárọ̀, ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹta, ó béèrè iyán, wọ́n sì gún un rírọ̀ fún un, òkèlè mélòó kan pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Oúnjẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà sàn ju púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ, nítorí àpòlúkù ṣì ń lọ́ra. Ọ̀rọ̀ ṣíngọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń sọ, pé kí aláìsàn máa jẹ ẹ́ kí ìfun lè tètè jí: kò pa á lára, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kéré.

Mo ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ohun tí bàbá jẹ tán sínú rẹ̀. Ohun tí ó gbé wá àti ohun tí bàbá jẹ kì í dọ́gba. Bí kúlà bá kún wá, tí ó sì kún lọ, ìwé nìkan ló máa tú àṣírí. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ti ń jẹ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta purotéènì tí mo ṣírò fún un. Ẹni tí a bá rí i pé kò ní lè jẹ ìlàjì rẹ̀ fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, a kì í dúró kí ọ̀sẹ̀ pé ká tó wá ọ̀nà mìíràn láti bọ́ ọ, ìbáà jẹ́ rọ́bà tó wọ inú ìfun.

Dírípù ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwa ará ilé gbà pé bí ìgò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìtọ́jú ń dára sí i; mo ti rí ẹbí tó ń bá nọ́ọ̀sì jà pé ó ti yọ ọ́. Ní 2002, Dileep Lobo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nottingham tẹ ìwádìí kan jáde lórí ogún aláìsàn tí wọ́n gé ìfun ńlá wọn. Ìdajì gba lítà mẹ́ta ó kéré tán lójúmọ́, pẹ̀lú iyọ̀ púpọ̀. Ìdajì kejì kò gba ju lítà méjì lọ, iyọ̀ wọn sì jẹ́ ìlàjì. Àwọn tó gba púpọ̀ fi nǹkan bí kílò mẹ́ta wúwo sí i, omi lásán. Oúnjẹ pẹ́ nínú àpòlúkù wọn, ìgbẹ́ àkọ́kọ́ wọn pẹ́, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́ta sí i ní wọ́ọ̀dù. Omi tó pọ̀ jù ti mú ògiri ìfun wú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yọ dírípù Bàbá Àgbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ti ń mu omi fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé e sórí ìwọ̀n láràárọ̀.

Ṣé ó bì? Ó bì lẹ́ẹ̀kan, ní alẹ́ ọjọ́ kìíní. Ikùn rẹ̀ rọ̀. Wọ́n fún un lóògùn èébì, wọ́n sinmi oúnjẹ fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n sì tún fi omi bẹ̀rẹ̀. Bí èébì bá ń tún wá, tí ó dúdú bí ewé, tí ikùn wú tó le bí ìlù, tí òsúkè kò sì dá, ìfun ti takú sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ pe nọ́ọ̀sì, rọ́bà imú lè padà. Kò túmọ̀ sí pé ohun tí ẹ fún un jẹ ló bà á jẹ́.

Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà wá jù ni jíjò ojú ìsopọ̀, tó máa ń fara hàn jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kejì. Ìrora tó yẹ kó máa dínkù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ara á gbóná, ọkàn á máa lù ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú kan, èémí á yára, àgbàlagbà lè máa sọ ìsọkúsọ. Nígbà mìíràn àmì àkọ́kọ́ kò ju pé ẹni tó ń jẹun dáadáa lánàá kò fẹ́ rí oúnjẹ sójú lónìí. Ẹni tó gbé kúlà ló máa kọ́kọ́ rí i, ṣáájú dókítà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń ronú nípa ibà táífọ́ọ̀dù tó ń lu ìfun ọmọdé jálẹ̀ ní agbègbè wa, nítorí òun ni iṣẹ́ abẹ ìfun tí ẹ mọ̀ jù. Òun kò wọ inú ètò yìí tán. Kò sí ọ̀sẹ̀ méjì tí a ó fi bọ́ ọmọ náà ṣáájú. Wákàtí ni à ń kà. Inú ikùn rẹ̀ ti kún fún ìdọ̀tí, ìfun rẹ̀ á sì sùn pẹ́ ju ti Bàbá Àgbẹ̀ lọ. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ṣì lọ sílẹ̀ tí wọ́n ń fi oògùn gbé e dúró, kò tíì yẹ kó jẹun. Ṣùgbọ́n bí ìyẹn bá ti lọ, tí ikùn rọ̀, kò sídìí láti máa retí ìsó ọjọ́ márùn-ún lára ọmọ tí ibà ti jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Wọ́n dá Bàbá Àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà. Ó ti ń jẹ oúnjẹ líle, oògùn oníhóró ló ń pa ìrora rẹ̀, ó ń rìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sí dírípù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn lè kúrò ní ọjọ́ kẹrin. Tirẹ̀ pẹ́ díẹ̀ nítorí pé láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfira kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń sáré padà ní òru. Ètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn ló bá a lọ sílé fún oṣù kan sí i, láìsí okùn ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, láìsí àgbo tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń lọ wọn ara rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, lórí ìwọ̀n kan náà, pẹ̀lú aṣọ fúyẹ́. Ó kúrò ní wọ́ọ̀dù ní kílò 57. Mo sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bí ó bá wálẹ̀ sí 55, tàbí bí bàbá bá kọ oúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn, kó pe nọ́ńbà wọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn káàdì.